Panadọ́ọ̀lù pẹ̀lú oògùn òtútù: ṣé kò tíì pọ̀ jù fún Màmá?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀fìnkìn àti orí fífọ́ ń yọ màmá mi lẹ́nu ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń lo Panadọ́ọ̀lù méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n sì tún ń mu oògùn òtútù olómi tí mo fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: ti ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì, ti alẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ mi bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀, wọ́n ní ara ń yá. Ṣé kò séwu?

Ewu wà. Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Parasitamọ́ọ̀lù ló wà nínú Panadọ́ọ̀lù, òun náà ló sábà máa ń wà nínú oògùn òtútù olómi yẹn, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, ẹ wá ọ̀rọ̀ gígùn yìí: “acetaminophen”. (Oògùn tí àwa ń fi ránṣẹ́ sílé pọ̀ ju èyí tí a ń ka ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hóró Panadọ́ọ̀lù kan ní mílígíráàmù 500, mẹ́fà lójúmọ́ di 3,000. Oògùn olómi tó wọ́pọ̀ níbí ní 650 nínú mílílítà 30 tí wọ́n ń mu lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta di 1,950. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,950. Àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ kọjá 4,000 láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró mẹ́jọ péré. Ti ẹni tí kò tó kílò 50, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, tàbí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa látìgbà tó ti ń ṣàìsàn, kéré sí bẹ́ẹ̀.

“Ara ń yá” yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Díẹ̀ nínú oògùn yìí máa ń di májèlé nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sì ní èròjà tó fi ń pa á. Bí oògùn bá pọ̀ jù, èròjà náà á tán, májèlé á wá dojú kọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, èèyàn lè má mọ nǹkan kan, tàbí kó kàn máa bì. Ó máa ń tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí abẹ́ ìhà ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kí ojú sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tó ní ibà apọ́njú.

Nítorí náà, kí ẹnìkan gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, bíi ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Aba. Kí wọ́n kó páálí àti ìgò dání, kí wọ́n sọ aago tí wọ́n lo ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye ọjọ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n lò ó, torí náà iye oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan lè tan dókítà jẹ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò pẹ̀lú. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà, asetilisisitéìnì, ó sì dáa jù bí wọ́n bá tètè fà á sí wọn lára.

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́místì àdúgbò. Parasitamọ́ọ̀lù kì í sábà wọ́n nínú àwọn hóró tí wọ́n máa ń dì sínú bébà yẹn, kò sì sí orúkọ lára wọn. Bí wọ́n bá ti lò ó, ó ti lé lórí 4,950 yẹn nìyẹn.