Fáìlì tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́, tí a ò rí

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi kọ ọ́ sínú ímeèlì pé kí n wo fáìlì tó wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò rí nǹkan kan. Kí ló fà á?"

Ẹ má tíì dá ọ̀gá yín lẹ́bi. Bó bá jẹ́ Gmail lẹ̀ ń lò, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lókè lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ yan "Show original", kẹ́ ẹ sì wá ìlà yìí:

```
Content-Type: application/ms-tnef
```

Bẹ́ ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kí fáìlì yín ti dé. Outlook ọ̀gá yín ló fi ìlànà Rich Text ránṣẹ́, tó di fáìlì náà sínú àpò kan tó ń jẹ́ winmail.dat. Ọ̀pọ̀ ètò ímeèlì ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò yìí. Òmíràn á fi orúkọ rẹ̀ hàn, òmíràn ò ní fi nǹkan kan hàn rárá. Lójú ọ̀gá yín, fáìlì ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Nínú Outlook wọn, kí wọ́n lọ sí File > Options > Mail, kí wọ́n yan HTML níwájú "Compose messages in this format", kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́.

Bí ẹ ò bá rí ìlà yẹn, tẹ́ ẹ ò sì rí `Content-Disposition: attachment` níbì kankan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé ẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń yẹ lẹ́tà wò lójú ọ̀nà ti yọ ọ́.