Lẹ́tà mátírọ́ọ̀nù kì í ṣe ìwé ẹ́tíìsì

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, orí kẹta tíísìsì máàsítà nọ́ọ̀sì ni mo wà. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní kílíníìkì kan ní Kàbà ni mo fẹ́ wádìí lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé. Mátírọ́ọ̀nù ti fún mi ní lẹ́tà. Ṣé ó tó? Kí ni mo máa kọ nípa kọ́nsẹ́ǹtì?"

Kò tó o, àbúrò. Lẹ́tà mátírọ́ọ̀nù ń jẹ́ kí ẹ wọ kílíníìkì ni. Ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ẹ́tíìsì ìwádìí ìlera, ló lè fọwọ́ sí ìwádìí fúnra rẹ̀, kí ẹ tó bi ẹnì kankan ní nǹkan. Ẹ fi ìwé ìbéèrè àti fọ́ọ̀mù kọ́nsẹ́ǹtì ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ pùrópósà, àti èyí tẹ́ ẹ túmọ̀ pẹ̀lú, torí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan lẹ lè lò.

Ní ti kọ́nsẹ́ǹtì, gbólóhùn kan ṣoṣo pé "wọ́n gbà" ò ní tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Nígbà tí mo ṣe ìwádìí tèmi, ohun tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló máa gba kọ́nsẹ́ǹtì lẹ́nu àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá wọn lóṣooṣù ni mí. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òun ò ṣe? Ẹlòmíì tí kì í tọ́jú wọn ni mo fi ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí dókítà, tí wọ́n sì ti gba oògùn wọn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ta ni, ibo ni, ìgbà wo ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, a ka fọ́ọ̀mù sókè ní èdè Owé tí wọ́n ń sọ ní Kàbà, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara wa jókòó títí ó fi parí, òun náà sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí aláìsàn ti tẹ̀ka. Ìtẹ̀ka nìkan kò fi hàn pé ó yé wọn. Màmá kan ti na àtàǹpàkò kí a tó kà dé ìdajì: "Ibo ni n ó tẹ̀?" A ní, "Màmá, tí wọ́n bá bi yín nílé, kí lẹ máa ní à ń ṣe?" Wọ́n ní oògùn ọ̀fẹ́ la fẹ́ pín. A tún un ṣàlàyé: ìbéèrè lásán ni, kò sí oògùn níbẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ á ṣì rí ìtọ́jú rẹ̀ gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n sì ń lọ. A ò kà wọ́n mọ́ àwọn tó kópa. Ẹ fi ìbéèrè àtúnsọ yẹn sínú orí kẹta yín; ó máa ń dá àwọn olùdánwò lójú.

Ẹ má kọ orúkọ sórí ìwé ìbéèrè, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi sí i, kí fọ́ọ̀mù kọ́nsẹ́ǹtì sì wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí ẹ tì pa.

Nínú pùrópósà, "a máa ṣe" lẹ kọ. Nínú tíísìsì, "a ṣe" ni, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ẹ́tíìsì àti déètì rẹ̀. Déètì yẹn ni olùdánwò máa fi wé ti fọ́ọ̀mù kọ́nsẹ́ǹtì àkọ́kọ́.