Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Ìpolówó Aṣọ Ilé-Ìwé ti Oṣù Kẹsàn-án Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Òkun o, ọ̀gá. Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń tà ní Kábà. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, mo máa ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí iye ọjà mi ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé. Èrò máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í rí owó kankan mú dání lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tí ó ń kọ́ni ní ìpolówó lórí Wasáàpù ní kí n sọ ọ́ di ìdá ọgbọ̀n, kí n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kérésìmesì àti Iléyá náà. Ṣé kí n tẹ̀lé e?

Ìdáhùn: Òkun o, màmá. Ẹ má tẹ̀lé e. Irú ìmọ̀ràn báyìí ti tàn ká láàárín àwọn oníṣòwò wa láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń tà á fún yín kì í béèrè iye tí ọjà ná yín kí wọ́n tó ní kí ẹ gé e. Ẹ̀yin náà kò kọ iye yẹn sínú lẹ́tà yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí ẹ wá fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀ nílé.

Ká ní aṣọ ọmọ kan, òkè àti ìsàlẹ̀, ni ẹ ń tà ní ₦8,000. Aṣọ tí ẹ rà jẹ́ ₦4,000, owó ìránṣọ jẹ́ ₦1,900, báàjì, bọ́tìnnì, òwú àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,400, èrè yín sì jẹ́ ₦1,600. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ₦8,000 jẹ́ ₦1,600 gẹ́lẹ́. Bí iye tiyín bá sún mọ́ èyí, gbogbo èrè yín ni ẹ ń dì sínú ọ̀rá fún oníbàárà lọ́dọọdún, ìdí sì nìyẹn tí èrò fi ń pọ̀ tí àpò kò fi kún. Bí ẹ bá wá sọ ọ́ di ìdá ọgbọ̀n, ₦5,600 ni ẹ ó máa tà á, ẹ ó sì máa fi ₦800 tiyín kún aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá tà púpọ̀, àdánù yín ni ó ń pọ̀ sí i. Ìdá mẹ́wàá péré pàápàá yóò gé èrè yín sí ₦800, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ta aṣọ méjì kí ẹ tó rí èrè tí ọ̀kan ń mú wá tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé títà púpọ̀ ni yóò dí àlàfo náà. Ẹ wo àwọn tí ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé dáadáa. Òbí tí ó dé ní ọjọ́ Sátidé tí ọmọ rẹ̀ yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí. Kò ráyè gbé aṣọ lọ bá aránṣọ, olùkọ́ sì lè lé ọmọ náà padà sílé. Ẹni yìí yóò ra aṣọ náà ní ₦8,000 láìjanpata. Ẹ̀dínwó kò sì lè mú kí iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé tí ẹ ń rán aṣọ fún lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni òbí kò ní ra mẹ́rin fún ọmọ tí ó nílò méjì. Ohun tí ẹ̀dínwó lè ṣe nínú òwò yín kò ju méjì lọ: ó lè fa oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń tà, títí tí òun náà yóò fi gé iye tirẹ̀, ó sì lè mú kí ẹni tí yóò rà lọ́la rà lónìí. Èkejì yìí ni ó wúlò fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ìwọlé kọ́ ni ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ìwọlé, kí ẹ rí ìdí rẹ̀. Ká ní aṣọ 120 ni ẹ fẹ́ rán, tí aránṣọ yín àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì ń parí mẹ́jọ lójúmọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ 15 nìyẹn bí ohunkóhun kò bá dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹjọ òjò wà, iná a máa lọ, ìnáwó òkú a sì máa gba ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún kún un, kí ẹ ka ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì nìyẹn. Bí ìwọlé bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, aṣọ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì aránṣọ ní ìparí oṣù Keje, kí ìdádúró kékeré má baà dé ọrùn yín. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti sanwó rẹ̀ fún alágbàtà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ẹ tó sanwó náà, ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti fi àwọ̀ aṣọ àti báàjì hàn yín, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé kò ní yí i padà. Inú oṣù Kẹfà, nígbà tí táàmù kẹta ṣì ń lọ, ni ẹ ó ti rí i bá sọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí ilé-ìwé bá ti palẹ̀mọ́ ní oṣù Keje, ọ̀gá lè ti wà ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ bá gbé jáde fún ọdún yẹn gan-an, kí ẹ má gbára lé ti èṣí; àwọn ilé-ìwé aládàáni a sì máa ní ọjọ́ tiwọn.

Ó hàn nígbà náà pé oṣù Keje ni owó ń jáde lọ́wọ́ yín, oṣù Kẹsàn-án sì ni ó ń wọlé. Àárín méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ìpolówó yín ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ lọ bá òbí nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní agbègbè wa, láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni owó kajú máa ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀, ó sì ti máa ń tán kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé ni ó ń rà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá san án. Nítorí náà, ẹ ṣí owó àsansílẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin. Ẹni tí ó bá san ₦4,000, ìyẹn ìdajì, ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Keje yóò gba aṣọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án ní iye tí ẹ dá fún un lọ́jọ́ náà, bí aṣọ bá tilẹ̀ gbówó lórí, ẹ ó sì bá a fi òwú kọ orúkọ ọmọ sí àpò àyà lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkọ orúkọ náà lè ná yín bíi ₦200. Lójú ìyá tí wọ́n ti gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ ní ilé-ìwé rí, ó tó ohun púpọ̀. Bí ọgọ́ta ènìyàn bá san án, ₦240,000 nìyẹn, iye aṣọ ọgọ́ta gan-an nínú àpẹẹrẹ wa, láìjẹ́ pé ẹ yá owó èlé. ₦1,400 ni ó ṣẹ́kù fún yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí iye aṣọ kò bá yí padà. Bí ẹ bá rò pé yóò lọ sókè, ẹ ra ti àwọn tí ó ti sanwó ní kété tí iye wọn bá tó ìdì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ọ̀gá ilé-ìwé tó fọwọ́ sí àwọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀ níbí, ẹ má sì sọ pé n kò sọ ọ́. Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe owó yín títí ẹ ó fi gbé aṣọ jáde. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé méjì, kí oníbàárà mú ọ̀kan, kí iye, ìwọ̀n ọmọ àti ọjọ́ ìgbàṣọ hàn nínú rẹ̀, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀ bí ẹ ó ṣe dá owó padà bí ọmọ bá kúrò ní ilé-ìwé náà. Ẹ tún ìwọ̀n ọmọ wọ̀n kí aránṣọ tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ, nítorí ọmọ tí ẹ wọ̀n ní oṣù Kẹrin lè ti ga sí i. Ẹ má sì gbé iye ọjà sókè sí ₦10,000 kí ẹ lè kọ “ẹ̀dínwó” sí ara rẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, kò fàyè gba fífi iye ọjà tan ènìyàn. Bí ilé-ìwé bá ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan báàjì wọn.

Ní ti ìkéde, mẹ́ta tó. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta. Ẹ ṣe èkejì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí àsansílẹ̀ yóò parí, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ náà lóòótọ́. Bí ẹ bá sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, òbí yóò mọ̀ pé ẹ lè tún sún un. Ẹ̀kẹta, ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé, kò ní ẹ̀dínwó nínú rárá: ẹ kan sọ àwọn ìwọ̀n tí ó wà nílẹ̀ àti pé ẹ ó ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di alẹ́.

Iléyá kò kan aṣọ ilé-ìwé, ọjọ́ rẹ̀ sì ń sún ṣíwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí ní 2025. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń ta léèsì. Kérésìmesì ni ó ní nǹkan fún yín, kì í sì í ṣe nípa ẹ̀dínwó. Àwọn ọmọ wa tí ó ń ti Èkó àti Àbújá bọ̀ nílé máa ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún àwọn ọmọ ẹbí tí ó wà nílé, nígbà tí òbí àwọn ọmọ náà sì ti ná owó tán kí táàmù kejì tó wọlé ní oṣù Kìíní. Ẹ di aṣọ kan, ìbọ̀sẹ̀ méjì àti ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà pọ̀ sí iye kan, kí ẹni tí ó wá sílé sanwó kí ó tó padà, kí òbí wá gbé e lọ́dọ̀ yín. Oṣù Kọkànlá ni kí àwọn ọjà náà ti wà nílẹ̀, torí owó ọkọ̀ a máa gbówó lórí bí ọdún bá ti súnmọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹsàn-án bá pé, ẹ ṣí ìwé ọjà yín, kí ẹ ka iye aṣọ tí ó jáde nípasẹ̀ àsansílẹ̀ àti èyí tí wọ́n rà ní iye kíkún, kí ẹ sì kọ èrè owó, kì í ṣe iye èrò, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìwọ̀n tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, bíi ti ọmọ kékeré jù tàbí ńlá jù, ni ẹ lè gé iye wọn sí ₦6,400, kí owó yín jáde lára wọn.