"Ohun Tó Kọjá Agbára Wa" Kọ́ Ló Ṣe Ọ́

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Alásè ni mí. Ní Sátidé tó kọjá, mo gba iṣẹ́ oúnjẹ ènìyàn 300. Aago 12 ni mo dá fún wọn, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 10 la tó dé. Sítóòfù méjì ni mo ní, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń gba oúnjẹ ènìyàn 75, wákàtí 2 ló fi ń jinná. Aago 7 la dáná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré mìíràn tí mo gbà wà lórí sítóòfù kan títí di aago 9. Àwa mẹ́ta là ń di oúnjẹ sábọ́, ìrìn ìṣẹ́jú 40 sì ni ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀, àwọn kan ti ń gba owó àsansílẹ̀ wọn padà. Ohun tí mo fẹ́ gbé síta rèé: "A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ìdádúró tó wáyé nítorí ohun tó kọjá agbára wa. A ó yọ 10 nínú 100 lórí iṣẹ́ yín tó kàn." Ṣé ó dáa?
Alásè tójú ń tì

Àbúrò mi, má gbé e síta o.

Ta ló gba iṣẹ́ kejì yẹn? Lọ́jọ́ tí oníbàárà kékeré náà bá lanu pé tòun dé lásìkò ní Sátidé, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ irọ́ ló máa dà. "Ìdádúró tó wáyé" náà ń bí mi nínú, bí ẹni pé ó dá rìn wá fúnra rẹ̀. Kọ "mo pẹ́." Yọ "bá" yẹn náà kúrò, ẹni tí ebi ń pa fún wákàtí 2, kò sí "bá" nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n mú bíró ná, torí ìdí tó o rò kọ́ ni gbogbo ìdí. Ìkòkò mẹ́rin ni oúnjẹ ènìyàn 300. Nígbà tí sítóòfù kan kò ráyè, ìkòkò kan ló jinná ní aago 9, méjì ní aago 11, ìkẹyìn ní aago 1. Bí abọ́ kan bá ń gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, abọ́ 75 ìkẹyìn á gba ẹ̀yin mẹ́ta ní ìṣẹ́jú 25. Fi ìṣẹ́jú 5 kẹ́rù sọ́kọ̀, fi ìrìn kún un: aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 10 gẹ́lẹ́.

Wàyí o, mú iṣẹ́ kejì kúrò. Ìkòkò méjì ìkẹyìn á jinná ní aago 11, abọ́ 150 á gba ìṣẹ́jú 50, wàá dé ibẹ̀ ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 35. O ṣì pẹ́! Aago 6 ló yẹ kó o dáná. Tó o bá kàn búra pé o ò ní gba iṣẹ́ méjì pọ̀ mọ́, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá tún dé á tún dójú tì ọ́.

Ohun kan tún wà tí o kò mẹ́nu bà, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí ju ti aago lọ. Abọ́ tó jinná ní aago 9 lo wákàtí 5 kó tó dé ọwọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ṣé ó wà nínú kúlà tó ń mú un gbóná ju digirí 60 lọ? Oúnjẹ tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jókòó ju wákàtí 2 lọ. Ẹnì kan á bi ọ́. Bí o kò bá wọn ooru rẹ̀, má sọ pé ó gbóná. Pe ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ, kó o béèrè bóyá inú ń run ẹnikẹ́ni.

Ìpè yẹn gan-an ló ṣáájú ohunkóhun tó o máa kọ. Bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí owó tí wàá dá padà, kó o sì san án. Tó o bá kọ "a máa san," wọ́n á máa retí. "Mo ti san" ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà, kọ báyìí:

"Ní Sátidé, mo ṣèlérí oúnjẹ ènìyàn 300 fún aago 12. Aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni mo gbé e dé. Mo gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, mi ò sì tètè dáná. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti bẹ ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi, mo sì ti dá owó padà fún un. Láti òní lọ, iṣẹ́ tó bá ju ènìyàn 150 lọ, òun nìkan ni màá gbà lọ́jọ́ yẹn, wákàtí 6 ṣáájú àkókò ni màá sì dáná."

Ó tán. Má fi àwòrán oúnjẹ sí i. Ẹ̀dínwó yẹn ńkọ́? Ẹni tí ebi pa kọ́ ló máa jẹ ẹ́, oníbàárà tuntun ni, ìpolówó ọjà sì ni wọ́n á pè é. Fi ọ̀rọ̀ náà han ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ kó tó jáde. Bó bá ní kó o yọ iye ènìyàn kúrò, yọ ọ́, má sì dárúkọ rẹ̀ rárá.