Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ìwé RF

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti la àìsàn oríkèé kọjá. Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún 64 ni wọ́n. Orúnkún méjèèjì ń dùn wọ́n, ìka ọwọ́ wọn náà ti ń yọ kókó. Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn ní RF pọ́sítíìfù, 26. Ẹnì kan ní rúmátọ́ìdì ni, ẹlòmíì ní àgbà ló dé. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́?”

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ ká ìwé RF yẹn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì rúmátọ́ìdì, kò ná, kí ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibi tí kókó náà wà lára ìka máa sọ̀rọ̀ ju 26 yẹn lọ. Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, méjèèjì ló wọ ilé wa: èmi ni mo ní rúmátọ́ìdì, èyí tí ara fi ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ́sitíò, ìyẹn èyí tí oríkèé fi ń gbó. Ohun tó sì da gbogbo ẹbí rú ni pé RF tèmi nẹ́gẹ́tíìfù, tiwọn ló pọ́sítíìfù.

Ẹ yọ àtàǹpàkò sẹ́yìn ná. Ìka yòókù ní oríkèé mẹ́ta mẹ́ta: ọ̀kan sún mọ́ èékánná, ọ̀kan wà láàárín, ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń yọ sókè téèyàn bá di ẹ̀ṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ èékánná ni ọ́sitíò fẹ́ràn jù. Ó tún máa ń mú ti àárín, àti ìdí àtàǹpàkò níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́. Rúmátọ́ìdì ní tirẹ̀, oríkèé ẹ̀ṣẹ́, ti àárín àti ọrùn ọwọ́ ló ń bá jà, tọwọ́ ọ̀tún tòsì, ó sì máa ń fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀. Ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dùn mí, tí n kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì láàárọ̀, kó tó di pé ọwọ́ wú.

Bí ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ fọwọ́ kàn án. Ọdún pípẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dín gàrí ní Odògbolú, kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná wọn le koko, egungun ni, ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wíwú tèmi rọ̀, ó máa ń jìn wọlé díẹ̀ bí mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ó sì gbóná ju ara tó yí i ká lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé ló wú tó sì ń sun omi, kì í ṣe egungun. Dókítà tó yẹ̀ mí wò di àtẹ́lẹwọ́ mi mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó rọra fún gbogbo oríkèé ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo. Ó fún ti ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń wò ó ni.

Orúnkún kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí àìsàn méjèèjì ló ń mú un. Àsìkò ìrora ló yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá. Nígbà tí tèmi le, mo lè jí ní aago mẹ́fà kí n má lè fún aṣọ tàbí kí n so ìró ara mi títí di aago mẹ́jọ kọjá, bí mo bá sì ṣe ń lo ọwọ́ sí i ló ń tú. Ó ń rẹ̀ mí pẹ̀lú, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Ti ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá jí, orúnkún a gan fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó tán. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó ti agbada gàrí látàárọ̀. Wọ́n á na ẹsẹ̀, á sì fúyẹ́. Líle àárọ̀ tó bá kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pàápàá tó bá tó wákàtí kan, ni kó kọ yín lóminú.

Wàyí o, ìwé èsì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ 26 yẹn, wọ́n máa kọ ibi tí tiwọn parí sí. Láàbù kan lè ní 14, òmíràn 20. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 31, ààlà 20, ẹni tó gba èsì náà fún wa sì ti ń sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn máa wọ́. RF kì í ṣe àmì rúmátọ́ìdì nìkan. Àgbàlagbà tí kò ní àìsàn kankan lè ní in, ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tàbí C lè ní in, ẹni tó ní ikọ́ ife náà lè ní in. Lọ́wọ́ kejì, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní rúmátọ́ìdì gidi, méjì tàbí mẹ́ta ni RF wọn máa jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Nínú wọn ni mo wà. Àyẹ̀wò tó tú àṣírí tèmi ni àńtì-CCP, tó ju ìlọ́po mẹ́ta ààlà lọ. Òun kì í sábà jáde lára ẹni tí kò ní rúmátọ́ìdì, nítorí náà bó bá jáde, ẹ gbà á gbọ́ ju RF lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá jáde, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àyẹ̀wò méjì mìíràn, ESR àti CRP, ń sọ bóyá iná ń jó nínú ara, wọn kì í sọ ibi tó ti ń jó. Ibà, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, kódà ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ lè gbé ESR sókè. Ìṣirò tí wọ́n fi ń wò ó fún obìnrin ni pé kí ẹ fi 10 kún ọjọ́ orí, kí ẹ pín in sí méjì. Ti màmá yín á jẹ́ 37, nítorí náà bí wọ́n bá kọ 34 tí wọ́n sì fi àmì pupa sí i, kò tíì di ẹjọ́. Ohun kan tún wà tí kì í hàn lórí ìwé: abẹ́rẹ́ àti egbòogi oríkèé tí wọ́n ń tà kiri, tí a kì í mọ ohun tó wà nínú wọn. Nínú òmíràn, dẹ́kísà ló wà níbẹ̀. Ó máa ń mú wíwú lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì máa ń fa CRP wálẹ̀ pẹ̀lú, kí dókítà má fi rí ohun tó yẹ kó rí. Bí màmá bá ti lo irú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ oríkèé ti ní ìwọ̀n máàkì kan tí wọ́n fi ń ka rúmátọ́ìdì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, oríkèé kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wú ní irú wíwú rírọ̀ yẹn, kó má sì jẹ́ àìsàn mìíràn ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Oríkèé ẹ̀gbẹ́ èékánná àti ìdí àtàǹpàkò kì í wọ ìṣirò, nítorí ọ́sitíò ló ni wọ́n. Èmi, oríkèé kéékèèké tó wú láàárín mẹ́rin sí mẹ́wàá fún mi ní mẹ́ta, àńtì-CCP gíga fún mi ní mẹ́ta, ESR ọ̀kan, àìsàn tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ọ̀kan: mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá ẹnu ọ̀nà, nítorí wọn kò ní wíwú rírọ̀ níbì kankan. Ká tiẹ̀ fi ipá ka tiwọn, orúnkún méjèèjì á mú ọ̀kan wá, RF tó kàn ga díẹ̀ á mú méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á mú ọ̀kan. Mẹ́rin ni. ESR wọn kò ga, bó bá tiẹ̀ ga, márùn-ún ló máa jẹ́.

Ẹ́kísirè ló kù, ọ̀pọ̀ owó ló sì ń ṣòfò níbẹ̀, nítorí orúnkún nìkan ni wọ́n máa ń yà. Bí wọ́n bá ń fura sí rúmátọ́ìdì, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n yà. Wọ́n ń wá ibi tí egungun ti jẹ ní etí oríkèé, pàápàá ní ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kékeré, níbi tó ti máa ń yá hàn. Egungun tó wà nítòsí oríkèé á fẹ́lẹ́, àlàfo á sì kéré bákan náà yíká. Ti ọ́sitíò yàtọ̀ pátápátá: egungun tuntun ló ń hù bí ẹ̀gún ní etí, ojú egungun á funfun kí, àlàfo á sì kéré ní apá kan ju ìkejì lọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi, apá inú orúnkún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ẹ ní kí màmá dìde dúró nígbà tí wọ́n bá ń ya orúnkún. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ara kò wúwo lé oríkèé, àlàfo náà lè dà bí èyí tó ṣì dára.

Ẹ́kísirè tèmi àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí egungun tó jẹ débi tí ẹ́kísirè máa rí i. Sikáànù oríkèé tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú awọ tó wú hàn ló kọ́kọ́ rí tèmi.

Nítorí náà, bí kókó màmá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná tó sì le, tí líle àárọ̀ wọn kì í pẹ́, n kò ní ná owó àńtì-CCP bí mo bá wà ní ipò yín. Ẹ́kísirè orúnkún ní ìdúró ni mo máa kọ́kọ́ san. Ṣùgbọ́n bí oríkèé ẹ̀ṣẹ́ tàbí ọrùn ọwọ́ bá wú rọ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, ì báà jẹ́ pé RF wọn nẹ́gẹ́tíìfù, nítorí egungun tí rúmátọ́ìdì bá ti jẹ kì í padà. Méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo ní ọjọ́ orí wọn, nítorí náà ẹ yẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ẹ lè lọ sí Ṣàgámù, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé gan-an, LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka rẹ̀. Fíìmù ẹ́kísirè fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ nìkan.