Abẹ́rẹ́ áńtí-D lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún

“O nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ̀jẹ̀ mi, pọ́sítíìfù sì ni ti ọmọ mi. Ó di ọjọ́ márùn-ún tí mo bí i, wọn kò fún mi ní abẹ́rẹ́. Ṣé ó ti pẹ́ jù?”

Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Kò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ lọ gbà á lónìí. Láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ ló dára jù. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ kẹwàá, ó ṣì lè dáàbò boni dé ìwọ̀n kan.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, nítorí bí ara yín bá ti ṣe èròjà tó ń bá ẹ̀jẹ̀ pọ́sítíìfù jà, abẹ́rẹ́ náà kò lè pa á rẹ́ mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọ ara ìyá nígbà ìbímọ ni abẹ́rẹ́ yìí ń mú kúrò kí ara ìyá tó dá a mọ̀ bí àjèjì, kí ó sì ṣe èròjà tí yóò máa bá a jà. Ọmọ tẹ́ ẹ bí yìí kò sí nínú ewu èròjà yẹn. Àbúrò rẹ̀ ni mò ń rò. Bí òun náà bá jẹ́ pọ́sítíìfù, èròjà náà lè gba inú ibi ọmọ kọjá, kí ó máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi wú, tàbí kí ó kú sínú.

Bí ẹ bá tún lóyún, ẹ tètè sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28.