Ìṣẹ́jú 20 tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà

*Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Kábbà ni mo ń gbé, aṣọ òkìrìkà ni mo ń tà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà, ó wà ní Púráímárì kìn-ín-ní níléèwé aládàáni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un ní àṣetiléwá mẹ́ta: kó kọ 1 dé 100, kó da gbólóhùn kan kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó sì ṣe ìṣirò mẹ́wàá. Nígbà míì aago mẹ́sàn-án alẹ́ á ti lù kó tó ṣe tán, iná kì í sábà sí, ọmọ á máa sunkún. Bó bá ti sú mi, màá gba pẹ́ńsù, màá bá a kọ ọ́ tán. Bàbá ẹ̀ ní mò ń bà á jẹ́, òun máa ń fa pàṣán yọ. Màmá ọkọ mi tó ń bá wa gbé ní láyé àwọn, ọmọ tó tó báyìí kì í kàwé lálẹ́. Ṣé iṣẹ́ yìí kò pọ̀ jù ni? Kí sì ló kàn mí nínú ẹ̀?*

*Ìyá tó ti rẹ̀, Kábbà*

Ọ̀kun o, ìyá ọmọ. Iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù. Kò yẹ kí ọmọ Púráímárì kìn-ín-ní lò ju ìṣẹ́jú 20 lọ nídìí àṣetiléwá lójúmọ́, ìwé kíkà sì wà nínú ẹ̀. Kó fi mẹ́wàá ṣe ohun tó máa fọwọ́ kọ, kó fi mẹ́wàá yòókù kàwé pẹ̀lú àgbàlagbà. Bí àsìkò bá ti pé, ẹ pa ìwé dé, ó parí o, kò parí o.

Ọ̀gbẹ́ni Harris Cooper, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ lórí àṣetiléwá láti ọdún 1987 dé 2003 jọ, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní ọdún 2006. Láàárín àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, àṣetiléwá àti máàkì tó dára máa ń rìn pọ̀. Láàárín àwọn ọmọ kékeré, okùn tó so méjèèjì pọ̀ tín-ín-rín gan-an. Ìlànà tí òun àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ fara mọ́ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan: Púráímárì kìn-ín-ní mẹ́wàá, Púráímárì kejì ogún, bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Èmi ni mo fi mẹ́wàá kún tiyín, nítorí pé èdè wa làwọn ọmọ ń gbọ́ nílé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé iléèwé wọn. Ẹni tí kì í gbọ́ èdè ìwé náà nílé nílò kí àgbàlagbà máa kà á pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ oorun. Oorun wákàtí 9 sí 12 ni ọmọ ọdún mẹ́fà nílò lójúmọ́. Ọmọ tó sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n sì jí i ní márùn-ún ààbọ̀ kó múra iléèwé, wákàtí méje ààbọ̀ ló sùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa tòògbé nínú kíláàsì, ohun tí tíṣà kọ́ ọ lọ́sàn-án ò ní wọlé, ẹ̀yin á tún wá máa jà lé e lórí lálẹ́. Nítorí náà, kó jẹun, kó ṣeré, kó wá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ máa ń wà títí di aago mẹ́fà, kó ṣe é níbẹ̀ lórí àpótí.

Ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní nígbà tó bá ń da gbólóhùn yẹn kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ kàn máa wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé kì í kọ gbólóhùn náà tán kó tó bọ́ sí ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa kọ wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á padà sókè, á tún kọ ọ̀rọ̀ kejì wá sísàlẹ̀ bákan náà. Bó bá dé orí 20 sí 29, á to 2 mẹ́wàá léra wọn sísàlẹ̀, á wá máa fi 0, 1, 2, 3 tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé 9. Ẹni tó bá ti kọ́ kíláàsì yẹn rí mọ àṣà yìí dáadáa. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Iṣẹ́ náà ni kò béèrè ìrònú, ló fi wá ọ̀nà àbùjá sí i. Ó kún ojú ewé méjì, síbẹ̀ kò ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì gbó tán. Ìlà méjì àkọ́kọ́ á dára. Tó bá fi máa dé ìlà karùn-ún, lẹ́tà á ti máa tóbi, á máa fò kúrò lórí ìlà, á sì máa tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi kán. Ohun tó bá kọ lẹ́yìn ìyẹn, ìkọkúkọ ló fi ń kọ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Ohun tó dára ju àdàkọ mẹ́wàá lọ ni pé kó ka gbólóhùn náà sókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ bò ó, kó kọ ohun tó rántí, kẹ́ ẹ wá ṣí i kí òun fúnra ẹ̀ fi wé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó.

Ìṣirò ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ òbí ti máa ń hàn jù. Ẹ fún un ní 8 + 5, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wà ní kíláàsì yẹn á fa igi mẹ́jọ sórí ìwé, á fa márùn-ún sí i, á wá bẹ̀rẹ̀ láti oókan títí dé 13. Ó gbà á, àmọ́ bó bá ṣe ìṣirò mẹ́wàá báyẹn, ọ̀nà kan náà ló tún gbà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò tẹ̀ síwájú. Ohun tó kàn fún un ni kó mọ̀ pé òun lè bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́jọ.

Ẹ ka àgbàdo gbígbẹ mẹ́jọ sínú ife, kí òun náà máa kà á bẹ́ ẹ ṣe ń jù ú sí i. Èso kajú pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní àsìkò ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó ṣì wà nínú èèpo ṣe é, oje inú èèpo yẹn máa ń jó ara. Ẹ fi àwo bo ife, kẹ́ ẹ ka márùn-ún sílẹ̀ níta. Ẹ bi í pé mélòó ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Nígbà tí kò ti rí ti inú ife mọ́, kò ní lè bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Á wò yín lójú. Ẹ fọwọ́ kan ife, kẹ́ ẹ sọ pé “mẹ́jọ”, ẹ fọwọ́ kan hóró àkọ́kọ́ níta, kẹ́ ẹ dákẹ́. Bó bá sọ pé “mẹ́sàn-án”, ó ti débẹ̀. Bó bá mú 12 wá, orí hóró àkọ́kọ́ níta ló ti sọ pé “mẹ́jọ”, ẹ ṣí ife kó rí i pé mẹ́jọ ti wà nínú ẹ̀, kó tún un kà. Mẹ́rin irú ẹ̀ tó fún ọjọ́ kan: 8 + 5, 9 + 3, 7 + 4, kí èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ 2 + 9. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ yan èyí tó máa wọnú ife. Ọjọ́ tó bá mú 9 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ẹ gbé ife kúrò nílẹ̀.

Ní ti ìwé kíkà, ojú ewé kan ti tó. Ẹ ní kó máa ká ìka kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí kò bá lè pè. Bí ìka márùn-ún bá ká tán kó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìwé náà ti le jù fún un láti dá kà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún un, kó máa tẹ̀ lé yín. Ìbéèrè tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ẹ kà á, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un lédè tẹ́ ẹ ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan, ìbéèrè ni kò yé e. Ẹ bá mi kí Màmá, iṣẹ́ wà fún wọn. Kí wọ́n pa àlọ́ kan fún un lálẹ́ kó tó sùn, kí ọmọ náà pa á padà fún wọn lọ́jọ́ kejì: kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ló tẹ̀ lé e, kí ló dé tí Ìjàpá fi ṣe ohun tó ṣe. Ọmọ tó lè to ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ló máa lè tẹ̀ lé ìtàn nínú ìwé.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ẹ wá àyè fún un, ẹ ka ìbéèrè fún un, ẹ jókòó nítòsí. Ẹ má gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ẹ má sì pa àṣìṣe ẹ̀ rẹ́. Bí tíṣà bá rí iṣẹ́ mẹ́wàá tó pé pérépéré, á gbà pé ó ti yé e, á sì kọjá sí ẹ̀kọ́ tó kàn. Àṣìṣe yẹn gan-an ni tíṣà nílò láti mọ ibi tí ọmọ dúró sí. Bó bá ṣi mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ dá a dúró. Ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé ẹ̀ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ìṣẹ́jú 20 ló fi ṣe èyí, òun nìkan ló ṣe é, ibi tó dé rèé. Bó bá ń ro ìṣirò pọ̀, láti oókan ló ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

Tíṣà tó dáa á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bó bá sọ pé ọ̀gá àwọn ló ní kí àwọn máa fún wọn tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló ṣeé ṣe kó sọ. Àwa òbí kan la máa ń lọ bá onílé ìwé pé iléèwé tó wà lójú títì kejì ń fún ọmọ ní iṣẹ́ ju tiyín lọ. Ẹ mú ìwé méjì tàbí mẹ́ta lọ bá ọ̀gá náà, kẹ́ ẹ fi 2 mẹ́wàá tó tò wá sísàlẹ̀ yẹn hàn án, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe ìlà mẹ́ta dípò mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ yan ìlà mẹ́ta fúnra yín, ẹ kọ nóòtì yín, kó lọ sùn. Àṣetiléwá tí kò parí ní Púráímárì kìn-ín-ní kò ba ayé ọmọ kankan jẹ́ rí.

Ó ku bàbá ẹ̀. Pàṣán kì í mú ìṣirò yéni. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà á máa sọ iye yòówù tó bá wá sí i lẹ́nu kí wọ́n lè fi í sílẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Ẹ má bá a jà lé e lórí. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbé ife àti àgbàdo fún un, kó fi 8 + 5 síwájú ọmọ ẹ̀, kó sì wo ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ kíkà.